ÌKÌLỌ̀ FÚN Ẹ̀YIN TÓ Ń KỌ́LÉ NÍ ÀKÚRẸ́: wọ́n ji kóòsì kan, odindi ìlà búlọ́ọ̀kù kan, lára ògiri mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ ní ọ̀nà Ìjọ̀kà, ní Ọ̀dà, ní Ọba-Ilé, ẹ dákun, tí ẹni tó ń ta búlọ́ọ̀kù fún yín bá ní òun tún ní bíríkìlà tòun, ẹ má gbà. Èmi gbà. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ju ìtìjú lọ.

Owó àjọ ọdún mẹ́ta ni mo fi ra búlọ́ọ̀kù onínṣì 9 yẹn. Ọkùnrin náà kó o wá, ó mú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá, láàárín ọjọ́ márùn-ún wọ́n ti dé ibi líntẹ̀lì. Mo yọ̀! Mo ra mínírà fún wọn. Mínírà o, fún àwọn tó ń jà mí lólè lójú ara mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni mo wọ yàrá ẹ̀yìn, tí mo rí oòrùn tó ń yọ gba ara ògiri wọlé. Láàárín búlọ́ọ̀kù méjì! Wọn ò fi mọ́tà sójú ìdúró rárá, eteetí lásán ni wọ́n fọwọ́ lẹ̀. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, ó wọlé dé oríkèé. Mo bi ọ̀gá wọn, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀, tí a bá ti rẹ́ ẹ, kò ní hàn mọ́." Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: kò ní hàn mọ́!

Mo lọ bẹ bàbá bíríkìlà kan ládùúgbò wa. Bàbá kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tó fi mi orí. Ó na téèpù láti orí jámánì fílọ́ọ̀ dé ìsàlẹ̀ líntẹ̀lì, ó jẹ́ sẹ̀ntímítà 211, bó ṣe yẹ kó jẹ́. Ó wá ní kí n ka kóòsì. Mo kà á, 8 ni. Mo tún un kà. Bàbá ní 9 ló yẹ kó wà níbẹ̀: gíga búlọ́ọ̀kù jẹ́ sẹ̀ntímítà 22 àbọ̀, mọ́tà abẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju bíi sẹ̀ntímítà 1 lọ, kóòsì 9 á sì gbé e dé nǹkan bíi 211. Àwọn tèmi to 8, wọ́n wá fi mọ́tà tó nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 4 dí àlàfo rẹ̀. Kóòsì kan nílé mi ń jẹ tó 100 búlọ́ọ̀kù, kódà tí a bá yọ ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé kúrò. Ibo ni 100 búlọ́ọ̀kù mi wà? Ọkùnrin tó tà á fún mi ló kó o padà sórí ọkọ̀ lálẹ́! Mọ́tà ọ̀hún náà, yanrìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀; mo fi ìṣó ha á, ó ń dà bíi gààrí. Mọ́tà tó nípọn báyẹn á máa sún kì, á máa rì bó ṣe ń gbẹ, ìwọ̀n ibi kan kò sì bá tibi kejì mu, ìdí nìyẹn tí kóòsì òkè fi dà gẹ̀rẹ̀ sápá kan.

Ẹ má bi mí bóyá mi ò lọ wò wọ́n. Mo ń lọ! Ọjà ni mo ń tà, mi ò kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà. Ṣùgbọ́n lóòótọ́, mo rí i pé ojú ìdúró òkè bọ́ sórí ti ìsàlẹ̀ gẹ́lẹ́, bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà, mo sì rò pé ẹwà ni. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń là báyìí. Ní igun ilé ńkọ́? Búlọ́ọ̀kù ògiri kan kò gun ti èkejì, ògiri méjèèjì kàn fara ti ara wọn lásán ni. Mo rí i, mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà.

Kíákíá, ohun tí ẹ ó ṣe: ẹ fi téèpù wọn kóòsì 4, kó jẹ́ sẹ̀ntímítà 94. Ojú ìdúró gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀, kí mọ́tà sì kún un. Ní igun, kí búlọ́ọ̀kù máa gun ara wọn ní kóòsì kọ̀ọ̀kan, lọ́tùn-ún, lósì. Kí wọ́n na okùn láti igun dé igun kí wọ́n tó to kóòsì kan, kí wọ́n sì gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé e. Tí kò bá dára, kí wọ́n yọ ọ́ nígbà tó ṣì tutù. Ẹ ka búlọ́ọ̀kù yín lójoojúmọ́, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọkùnrin náà kò gbé fóònù mi mọ́. Àwọn mìíràn ti ń pè mí pé àwọn ní búlọ́ọ̀kù tó dáa. Mi ò fẹ́ ti ẹnikẹ́ni, gbogbo yín ò yàtọ̀ síra lójú mi báyìí. Bàbá ní igun méjì àti ògiri ẹ̀yìn kò ṣeé tún ṣe. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá la bẹ̀rẹ̀ sí í wó o.