Láptọ́ọ̀pù àbí fláàṣì: èwo ni kí ẹ rà fún tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù?

Àǹtí kan tó ń ta léèsì ní ọjà Wuse, l'Ábújá, ní sláìdì 12 nínú PowerPoint: àwòrán aṣọ, iye owó àti nọ́ńbà fóònù. Ó fẹ́ kí wọ́n máa yí lójú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ di alẹ́ láìsí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà méjì ló wà.

Àkọ́kọ́ ni láptọ́ọ̀pù tí a fi wáyà HDMI so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ṣí `Transitions`, ẹ yọ àmì `On Mouse Click`, ẹ kọ ìṣẹ́jú àáyá 8 sí `After`, kí ẹ tẹ `Apply To All`. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí `Set Up Slide Show`, ẹ yan `Browsed at a kiosk`. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe: wọ́n á yan èyí, wọn ò ní fi àkókò sí sláìdì. Sláìdì àkọ́kọ́ á wá dúró gbagidi. Ẹ lè tẹ máósì títí, kò ní kúrò níbẹ̀, àfi kí ẹ fi `Esc` jáde, kí ẹ lọ fi àkókò sí i. Ẹ má gbàgbé láti pa ètò tó ń mú láptọ́ọ̀pù sùn.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí owó léèsì bá yí padà, ẹ ó ṣàtúnṣe rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù náà á wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ nínú eruku ọyẹ́, iṣẹ́ mìíràn ò sì ní lè kàn án.

Èkejì ni fídíò lórí fláàṣì, owó rẹ̀ kéré gan-an. Ẹ kọ́kọ́ fi àkókò sí sláìdì bíi ti ọ̀nà àkọ́kọ́, kí ẹ wá lọ sí `File`, `Export`, `Create a Video`, ẹ yan `Full HD`, ẹ ó rí fáìlì MP4. Fláàṣì tí wọ́n fọ́ọ̀mátì sí FAT32, ìyẹn ọ̀nà kan tí fláàṣì ń gbà to fáìlì, ni tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń kà, àmọ́ irú fláàṣì bẹ́ẹ̀ kì í gba fáìlì kan tó tó 4GB. Ẹ tan `Repeat` lójú tẹlifíṣọ̀n.

Bí fídíò bá parí kó tó tún bẹ̀rẹ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n lè ṣú díẹ̀. Sláìdì 12 ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ-mẹ́jọ jẹ́ 96, nítorí náà ó máa ṣú láìpẹ́ láìjìnnà. A da sláìdì àǹtí náà kọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí a tó ṣe fídíò, ó di ìṣẹ́jú 16.

Ohun tó kù ni iná. Bí NEPA bá mú un lọ tó sì dá a padà, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kì í padà sínú fláàṣì fúnra wọn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ mú rìmóòtù.

Lójú tèmi, fláàṣì ló yẹ àǹtí yìí, bí ó bá yọ iye owó kúrò nínú sláìdì, kó kọ ọ́ mọ́ ara aṣọ. Ẹni tó ń yí owó padà lójoojúmọ́ ni kó ra láptọ́ọ̀pù. Bí tẹlifíṣọ̀n náà fúnra rẹ̀ ni ẹ sì ń lọ rà, ẹ mú fláàṣì dání, kí ẹ wo fídíò yín títí tó fi tún bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó sanwó.