Àgbéyẹ̀wò íńtánẹ́ẹ̀tì onísíìmù fún tẹlifíṣọ̀n ilé ní Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́

Ohun tí mo ń yẹ̀ wò níbí ni ráútà 4G tí a ń lò nílé wa ní Ọ̀bà-Ilé, ẹ̀gbẹ́ Àkúrẹ́, pẹ̀lú dátà olóṣooṣù tí a ń rà sí i, àti bí ó ṣe ń gbé fídíò fún tẹlifíṣọ̀n sìmáàtì tó wà ní pálọ̀. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì náà. Ẹ̀sùn tí mo ní sí i kò ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn sì ń bẹ níwájú. Ìṣòro wa ni pé fídíò kì í lọ tààrà: àwòrán á mọ́ kedere fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á há, àmì róbótó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí láàárín ojú tẹlifíṣọ̀n títí tí ẹni tó ń wòran yóò fi dìde kúrò níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá yà sílé ló ní oògùn tirẹ̀: ẹ pààrọ̀ ráútà, ẹ ra tẹlifíṣọ̀n mìíràn, ẹ kúrò lórí nẹ́tíwọ̀kì yẹn. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí ọ̀nà ti dí gan-an.

Ọ̀nà náà ní apá mẹ́ta. Apá kìíní bẹ̀rẹ̀ láti ara tẹlifíṣọ̀n dé ìdí ráútà, èkejì láti ìdí ráútà dé òpó nẹ́tíwọ̀kì, ẹ̀kẹta láti òpó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ni fídíò. Kí n tó dán èyíkéyìí wò nínú wọn, mo fẹ́ rí híhá yẹn bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí náà mo ṣí YouTube lórí tẹlifíṣọ̀n, mo tẹ àmì ètò lábẹ́ fídíò tó ń lọ, mo sì yan `Stats for nerds`. Àwọn ìlà kékeré á jáde sójú tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó wúlò jù lọ níbẹ̀ ni `Buffer Health`, tó ń sọ iye ìṣẹ́jú-àáyá fídíò tí tẹlifíṣọ̀n ti kó pamọ́ ṣáájú èyí tí à ń wò. Ní ilé wa, nọ́ńbà yẹn bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 20, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 14, ó di 9, ó di 3, nígbà tó sì kan òdo ni àmì róbótó yọjú. Ìyẹn túmọ̀ sí pé fídíò kò tètè dé. Bí nọ́ńbà náà bá pọ̀ tí fídíò ṣì ń há, tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ló ní ẹjọ́ í rò, bóyá áàpù rẹ̀ ti gbó tàbí ààyè inú rẹ̀ ti kún, kò sì sí ohun tí kébù tàbí síìmù lè ṣe sí i.

Ìdánwò kébù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó ń yọ Wáfáì kúrò nínú ọ̀rọ̀ pátápátá. Mo gbé ráútà wá sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo fi kébù kúkúrú tó bá ráútà wá so ó mọ́ ojú ihò LAN lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, mo sì pa Wáfáì tẹlifíṣọ̀n, kí ó má baà yọ́ padà sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí fast.com láti inú búráúsà tẹlifíṣọ̀n. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, nítorí Netflix ló ni ín, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń fi fídíò ránṣẹ́ ló sì ti ń wọn iyára. Ọ̀pọ̀ àwọn ìdánwò mìíràn a máa yan ẹ̀rọ tó sún mọ́ wa jù lọ, nígbà mìíràn kí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì gan-an, ohun tí wọ́n bá sì sọ lè dùn létí ju bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lọ. Wáfáì fún mi ní 3.6 Mbps, kébù fún mi ní 3.9. Netflix ní tirẹ̀ sọ pé 3 Mbps tó fún fídíò 720p, 5 fún 1080p, 15 fún 4K. Nítorí náà 1080p tí tẹlifíṣọ̀n wa ń fà kò lè dúró déédéé lórí 3.9, yálà a fi kébù sí i tàbí a kò fi sí i. Wáfáì bọ́ nínú ẹ̀sùn lọ́jọ́ náà, ó sì di pé ìṣòro wà níwájú ráútà.

Apá kejì ni òpó, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ohun tí n kò lérò. Ráútà wa ní iná pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ mẹ́ta tó ń fi agbára nẹ́tíwọ̀kì hàn, méjì a sì máa tàn nígbà gbogbo, tí ẹnikẹ́ni tó bá wò ó á sọ pé kò burú. Iná yẹn kò sọ ohun tó tó nǹkan. Ẹ so fóònù mọ́ Wáfáì ráútà, ẹ tẹ àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ sínú búráúsà, tiwa jẹ́ `192.168.8.1`, kí ẹ sì wá ojú ewé tí `RSRP` àti `SINR` wà. RSRP ni agbára ohùn òpó bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Àmì àyọkúrò ló máa ń wà níwájú rẹ̀, nítorí náà -85 dára ju -95 lọ, bí ó bá sì ti kọjá -110, ìyà ni ẹ̀rọ ń jẹ. SINR ní tirẹ̀ ń sọ bí ohùn òpó tí à ń lò ṣe borí ariwo àwọn òpó mìíràn tó, ó sì dára kí ó ju 10 lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, RSRP wa jẹ́ -112, SINR jẹ́ 1. Ohun tó fà á kò jìnnà. Ilé alájà méjì tí aládùúgbò wa kọ́ ló dúró sáàárín pálọ̀ wa àti òpó náà, ògiri búlọ́ọ̀kù sì wà níwájú ògiri búlọ́ọ̀kù.

Mo gbé ráútà yí ilé ká, mo ń dúró díẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan kí nọ́ńbà fìdí múlẹ̀, nítorí ó máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀ bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e. Ibi tó dára jù lọ ni yàrá òkè, lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí òpó náà láìsí ilé kankan láàárín. RSRP di -93, SINR di 14. Fóònù tí mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ ráútà ka 22 Mbps. Síìmù kan náà, dátà kan náà, ọ̀sán kan náà. Ohun kan tí ẹ ní láti ṣọ́ra fún ni oòrùn ọ̀sán: ráútà tó bá wà ní ojú fèrèsé gan-an á gbóná, ìgbóná yẹn á sì mú kí ó máa kú fúnra rẹ̀. A gbé tiwa sórí pẹpẹ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí aṣọ fèrèsé ti ń ṣíji bò ó.

Bí a ti yanjú ìyẹn ni Wáfáì tí a ti dá láre tẹ́lẹ̀ wá di ẹlẹ́bi. Ráútà ti wà lókè, tẹlifíṣọ̀n wà nísàlẹ̀, dẹ́kì kọnkéré tó kún fún irin sì wà láàárín wọn. Ìkànnì 5 GHz kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀ rárá. 2.4 GHz dé, ṣùgbọ́n Wáfáì àwọn aládùúgbò náà wà lórí rẹ̀, nínú 22 tó wà lókè, 5 péré ló sì ń dé ọ̀dọ̀ tẹlifíṣọ̀n, tí kò sì dúró lójú kan. Kébù tí kò wúlò nígbà àkọ́kọ́ ni ó kù tí a lè ṣe.

Mo ra mítà 25 ti Cat 6 ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Oyèmẹ́kùn. Ẹ mú ọ̀bẹ kékeré dání bí ẹ bá ń lọ rà á: ẹ ha ara wáyà tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá pọ́n dénú, bàbà gidi ni. Bí funfun bá yọ lábẹ́ pípọ́n, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ó máa ń tètè kán níbi tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́. Ọmọkùnrin tó wá fà á gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì ki orí rẹ̀ méjèèjì. Kí ó tó so ó mọ́ ohunkóhun, ó fi ẹ̀rọ ìdánwò kékeré kan sí i, iná láti 1 dé 8 ń tàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dúró, ó tún un ṣe.

“Màmá, ẹ wò ó, iná kẹta kọ̀, kò tàn.”

Mo bi í pé ṣé méje tó kù kò tó. Ó ní kò tó, pé wáyà 1, 2, 3 àti 6 ni tẹlifíṣọ̀n ń lò, pé bí ọ̀kan nínú wọn bá ti kọ̀, kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó gé orí kan kúrò, ó tún un ki, gbogbo rẹ̀ sì tàn. fast.com lórí tẹlifíṣọ̀n ka 21. `Buffer Health` kọjá 40, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní fáíbà tó yára gan-an, ẹ mọ̀ pé ojú ihò LAN ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kì í kọjá 100 Mbps, nítorí náà Wáfáì 5 GHz nínú yàrá kan náà lè ju kébù lọ fún yín. Ní tiwa, a kò tíì dé ibi tí ìyẹn yóò ti jẹ́ ìṣòro.

Alẹ́ ni ẹ̀sùn mi wà. Láti nǹkan bí aago mẹ́jọ títí di mẹ́wàá, iyára orí kébù máa ń já sí 6 Mbps, bí ọmọ kan bá sì ń lo fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fídíò tún há nìyẹn. Mo lọ wo ráútà lásìkò náà: RSRP ṣì jẹ́ -93. Òpó kò rìn, ògiri kò rìn, àwọn ènìyàn tó ń pín òpó náà lò ló pọ̀ sí i. Ẹ má fi èyí pe ti àwọn tí ilé-iṣẹ́ dín iyára wọn kù nítorí pé wọ́n ti lo dátà kọjá ìwọ̀n. Ti ìdínkù máa ń jẹ́ bákan náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Tiwa ń padà sí ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí mo pe ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ní kí n pa ráútà kí n tún un tàn. Mo ka nọ́ńbà ọ̀sán àti ti alẹ́ fún wọn, wọ́n ní àwọn á jíṣẹ́, n kò sì tíì rí ìyàtọ̀ kankan. Fún owó tí wọ́n ń gbà, èyí kò dára tó, nítorí alẹ́ gan-an ni gbogbo ilé ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí à ń ṣe báyìí ni pé a ń dá YouTube dúró sórí 720p ní alẹ́, kì í sì í há bẹ́ẹ̀.

Fún kébù, n kò ní àbùkù kan láti sọ. Fún ráútà, ó dára bí ẹ bá rí ibi tó yẹ ẹ́. Fún dátà, ọ̀sán rẹ̀ ni mo lè yìn. Kí owó oṣù tó ń bọ̀ tó pé, aládùúgbò wa ti gbà láti yá mi ní fóònù rẹ̀ tó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé òkè yẹn náà ni n ó gbé e sí, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, n ó sì ṣí fast.com lórí rẹ̀ kí n tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.