Google Authenticator tàbí kóòdù orí ìwé: èwo ló ń gbani bí fóònù bá sọnù?

Áàpù Google Authenticator ń gbé nọ́ńbà 6 tí ẹ ó tẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà kí ẹ tó wọ àkáǹtì yín jáde, tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 síra. Kò nílò dátà, àmọ́ bí fóònù bá sọnù, ó bá a lọ nìyẹn, àyàfi tí ẹ bá ti fi pamọ́ sínú àkáǹtì Google. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀fìn wà: kọ́kọ́rọ́ Google yín há sínú Google tí ẹ kò lè wọ̀.

“Backup codes”, ìyẹn kóòdù orí ìwé tí Google ń fún yín, jẹ́ 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà 8, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ń ṣiṣẹ́. Ìwé ni kí ẹ kọ wọ́n sí. Bí ẹ bá béèrè fún tuntun, ti àtijọ́ ti kú. Ẹ fa ìwé àtijọ́ náà ya. Fún ìgbàpadà, ìwé ni mo gbè sí.