Jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà fún ṣọ́ọ̀bù aránṣọ n'Íbàdàn: èló ló ń ná yín lóṣù, èló ló sì yẹ kó wọ owó ìránṣọ?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi ẹni tó ń ta jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà ni pé èló ni. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé èló ni ẹ̀rọ náà máa gbà lọ́wọ́ yín lóṣooṣù títí tó fi máa bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Mókọ́lá, níbi tí ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ kan ti jọ ń rán nǹkan. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìránṣọ onímọ́tò méjì, wífìn kan, fáànù kan, gílóòbù mẹ́ta, àti áyọ́ọ̀nù tó ń fa wáàtì 1,000. Ọjọ́ 26 ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóṣù, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, Nẹ́pà sì ń mú iná lọ fún márùn-ún nínú ẹ̀. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye owó tí mo fẹ́ lò. Ẹ fi iye tẹ́ ẹ bá lọ́jà rọ́pò wọn.

Jẹnẹrétọ̀

Ẹ má gba iye epo tí ẹni tó ń tà á bá sọ gbọ́. Ẹ bu epo kún táǹkì dé ẹnu, ẹ fi ṣiṣẹ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe fún wákàtí mẹ́ta, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ wá fi ike tẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ bu epo padà dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó wọlé yẹn, tẹ́ ẹ bá pín in sọ́nà mẹ́ta, ni epo wákàtí kan.

Ká ní jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA ń mu lítà mẹ́rin ní wákàtí márùn-ún, tí lítà kan sì jẹ́ ₦950. ₦3,800 lójúmọ́ nìyẹn, ₦98,800 lóṣù. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń parí ìṣirò sí nìyí, ṣùgbọ́n ó ṣì kù. Ọ́ìlì tí wọ́n ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù lè gba ₦7,000, mẹkáníìkì àti púlọ́ọ̀gì ₦5,000. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ náà ní ₦280,000, tẹ́ ẹ sì retí kó lo ọdún mẹ́ta, ó yẹ kẹ́ ẹ máa fi ₦7,800 pamọ́ lóṣooṣù fún òmíràn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦118,600.

Ohun tó burú nínú jẹnẹrétọ̀ ni pé bí iṣẹ́ bá dín lórí rẹ̀, epo kì í dín tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tan fáànù àti gílóòbù nìkan, ẹ ó rí i pé epo ṣì ń lọ. Nínú wákàtí márùn-ún yẹn, iná tí ṣọ́ọ̀bù yìí lò kò tó yúnìtì méjì bí a bá fi mítà wọ̀n ọ́n. Ó lé ní ₦1,900 fún yúnìtì kan, epo nìkan. Nígbà tí wọ́n gbé owó Báńdì A sí ₦225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024, gbogbo wa la pariwo.

Sólà

Tí a bá yọ áyọ́ọ̀nù kúrò, ṣọ́ọ̀bù yìí ò lò ju yúnìtì méjì lọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì 400 wáàtì méjì tó o, kódà nínú òjò oṣù keje, bí igi tàbí ògiri aládùúgbò kò bá da òjìji bò wọ́n. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù 24V 100Ah kan àti ínfátà 1.5 kVA ló kù.

Ká ní bátìrì jẹ́ ₦600,000, pánẹ́ẹ̀lì méjèèjì ₦200,000, ínfátà ₦280,000, wáyà àti iṣẹ́ ọwọ́ ₦120,000. ₦1,200,000 nìyẹn. Ẹ má fi iye ọdún kan náà pín gbogbo rẹ̀. Mo fún bátìrì ní ọdún méje, ínfátà márùn-ún, pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wáyà mẹ́wàá. Ó wá di nǹkan bí ₦14,000 lóṣù. Ẹ fi ₦3,000 kún un fún àtúnṣe àti fífọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú pánẹ́ẹ̀lì.

Bátìrì ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ jù. Kẹ́ ẹ tó san owó tán, ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, ẹ yọ wáyà pánẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ wá tan ohun tó ń fa wáàtì 200. Ó yẹ kó gbé e fún bíi wákàtí mẹ́wàá. Bó bá kú ní wákàtí kẹfà, kì í ṣe 100Ah, ohun yòówù tí wọ́n ì báà kọ sára rẹ̀.

Áyọ́ọ̀nù ló ń da ìṣirò rú

Ínfátà 1.5 kVA lè gbé áyọ́ọ̀nù ní ọ̀sán tí oòrùn bá mú. Ṣùgbọ́n bí ọmọṣẹ́ bá tẹ wífìn mọ́ ọn lójijì, ínfátà á ké, á sì pa iná. Tí oòrùn ò bá sí, wákàtí kan tí áyọ́ọ̀nù bá fi gbóná á mu bí ìdajì bátìrì. Aránṣọ kì í sì í dúró kí aṣọ parí kó tó lọ̀ ọ́. Bó ṣe ń rán ojú ẹsẹ̀ ló ń lọ̀ ọ́. Áyọ́ọ̀nù eléèdú dára fún àǹkárá, àmọ́ èmi ò ní gbé e sórí léèsì funfun oníbàárà.

Nítorí náà mo gbà pé jẹnẹrétọ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan lójúmọ́: epo lítà kan, ₦24,700 lóṣù, àti ₦5,000 fún ìtọ́jú.

| Lóṣù | Jẹnẹrétọ̀ nìkan | Sólà pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ wákàtí kan |
|---|---|---|
| Epo | ₦98,800 | ₦24,700 |
| Ìtọ́jú àti ìpààrọ̀ | ₦19,800 | ₦22,000 |
| Àpapọ̀ | ₦118,600 | ₦46,700 |

Ẹni tó ní owó lọ́wọ́ ni tábìlì yìí wà fún o. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló yá yín, tí èlé gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ₦120,000, oṣù méjìlá á gba ₦110,000 lóṣooṣù. Pẹ̀lú epo áyọ́ọ̀nù àti àtúnṣe, ó di ₦142,700, ó ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Bí wọ́n bá fún yín ní oṣù méjìdínlógún pẹ̀lú èlé kan náà, ó bọ́ sí nǹkan bí ₦106,000. Bí wọn ò bá gbà ju ọdún kan lọ, èmi á dúró kí n kọ́kọ́ tọ́jú owó bátìrì.

Kí ló máa wọ owó ìránṣọ?

Ẹ má ṣe pín owó iná sórí iye aṣọ, torí agbádá àti ṣòkòtò ọmọléèwé kò jẹ iná bákan náà. Wákàtí ni kẹ́ ẹ fi pín in. Nínú oṣù tí iṣẹ́ ò pọ̀, ká ní ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ jọ rí wákàtí 300 tí oníbàárà sanwó fún. Jẹnẹrétọ̀ nìkan jẹ́ ₦395 ní wákàtí. Sólà alápapọ̀ jẹ́ ₦156. Ìró àti bùbá tó gba wákàtí mẹ́ta á ru ₦1,200 tàbí ₦470. Ẹni tó bá fi oṣù Iléyá tàbí Kérésì ṣe ìṣirò yìí á rí iye tó kéré, á wá jẹ gbèsè ní oṣù kejì ọdún.

Ẹ má kọ "owó epo" sọ́tọ̀ sínú ìwé owó. Oníbàárà á ní òun kọ́ ló mú iná lọ, ẹ ó sì máa bá a ṣàròyé títí. Inú owó iṣẹ́ ni kó wà. Tí ẹ bá sì ń san gbèsè sólà lọ́wọ́, ẹ má tíì dín iye náà kù nítorí pé ṣọ́ọ̀bù ti dákẹ́ rọ́rọ́. Owó yẹn ló ń san gbèsè.

Fún ìgbà tí epo bá tún gbéra: ní ṣọ́ọ̀bù tó ń lo jẹnẹrétọ̀ nìkan, ₦100 lórí lítà kan yóò fi ₦35 lé wákàtí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ṣọ́ọ̀bù sólà, ₦9 péré ni.