Àgbéyẹ̀wò: Shader Cache Size ti NVIDIA, fún géèmù tuntun tó ń dákú-dájí

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù géèmù Under G, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, wọ́n mọ ẹjọ́ yìí: géèmù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ orí kọ̀ǹpútà, kààdì lágbára, síbẹ̀ bí bọ́ǹbù àkọ́kọ́ bá bú, àwòrán á dúró gbagidi kó tó tún máa lọ. Bí bọ́ǹbù kejì ò bá dá a dúró mọ́, ṣédà ló fà á. Bó bá ń dúró lójú kan náà nígbà gbogbo, ẹ yẹ ráàmù tàbí dísìkì wò.

Ṣédà ni ètò kékeré tó ń sọ fún kààdì bí yóò ṣe ya iná, èéfín tàbí omi. Kààdì kan náà ló wà nínú gbogbo PS5 àkọ́kọ́, nítorí náà wọ́n ti sè é tán kí géèmù tó dé ọwọ́ wa. Ti kọ̀ǹpútà ò rí bẹ́ẹ̀, àìsètán ló ń dé, dúráífà ló sì ń sè é jinná fún kààdì tó bá bá níbẹ̀. Àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 16.7, bí ṣédà kan bá gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwòrán á dúró dè é. Lẹ́yìn náà, dúráífà á tọ́jú rẹ̀ sínú káàṣì lórí dísìkì.

Ìwọ̀n káàṣì yìí ni Shader Cache Size ń pinnu. Ó wà lábẹ́ Manage 3D settings nínú NVIDIA Control Panel. Bí géèmù ńlá bá pọ̀ lórí ẹ̀rọ, 10 GB dára. Bí káàṣì bá kéré, ti àtijọ́ á jáde fún tuntun, dákú-dájí á sì padà. Unlimited ò yẹ dísìkì kékeré.

Bí géèmù bá kọ "Compiling Shaders" síwájú, ẹ jẹ́ kó parí kí oníbàárà tó jókòó. Ó ń lo gbogbo agbára sípíyù, nítorí náà ìgbà tí iná bá wà ni kẹ́ ẹ ṣe é; lórí bátìrì láptọ́ọ̀pù, ó máa ń pẹ́ gan-an. Shader Pre-Caching ti Steam ò ràn án lọ́wọ́ bí géèmù bá jẹ́ DirectX 12 lórí Windows: Vulkan àti OpenGL ló wà fún.

Pípa káàṣì rẹ́ ńkọ́? Àyàfi bí àwòrán bá dàrú tàbí géèmù bá ń já lẹ́yìn tí dúráífà yí padà. Ẹ pa géèmù, ẹ yan Disabled, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, kẹ́ ẹ wá pa ohun tó wà níhìn-ín rẹ́:

```
%USERPROFILE%\AppData\LocalLow\NVIDIA\PerDriverVersion\DXCache
%LOCALAPPDATA%\D3DSCache
```

Fáìlì tó bá kọ̀, ẹ fò ó. Ètò mìíràn ń lò ó lọ́wọ́ ni. Kẹ́ ẹ wá dá ìwọ̀n náà padà sí 10 GB. Àwọn áàpù "ìmọ́tótó" tó ń pa káàṣì rẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń dá wàhálà yìí sílẹ̀, nítorí gbogbo ṣédà ni wọ́n á tún sè láti ìbẹ̀rẹ̀.

Máàkì 4 nínú 5 ni mo fún un. Kò lè dènà ìdúró àkọ́kọ́ nínú géèmù tí kì í se ṣédà rẹ̀ ṣáájú, dúráífà tuntun sì sábà máa ń sọ káàṣì àtijọ́ di aláìwúlò. Ẹ má fi dúráífà tuntun sí i láàárọ̀ ọjọ́ tí èrò máa pọ̀.