Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ní àwọn á bá yín rí fáìlì padà: ohun tí wọ́n fi háàdì díìsìkì mi ṣe

Ẹ̀yin ará, inú ń bí mi, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀. Bí háàdì díìsìkì yín bá já lulẹ̀ tó wá ń dún "kó, kó, kó", tí ẹnì kan sì sọ fún yín lórí fóònù pé 25,000 náírà ni, pé ọ̀la ló máa ṣetán, ẹ pa fóònù yẹn. Kò tíì fojú rí i. Kò mọ ohun tó ṣe é. Owó wo ló ń dá lé ohun tí kò rí?

Èmi ò pa fóònù.

Iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò òde ni mo ń ṣe, ní Ìbàdàn. Ọmọ iṣẹ́ mi ló fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, tí háàdì díìsìkì fi já bọ́ láti orí tábìlì nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ìgbéyàwó ọmọ Alhaja kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò tíì gé. Ìsìnkú kan wà níbẹ̀. Ìwé tèmi náà wà níbẹ̀: NIN, àkọsílẹ̀ bánkì, àti pásípọ́ọ̀tù àwọn oníbàárà tí mo bá ya fọ́tò físà. Àwọn tó fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò ṣe ẹ̀dà, ẹ dákẹ́ ná. Mo ṣe ẹ̀dà. Mo pa á rẹ́ nígbà tí àyè ń há mi. Mo mọ̀, ẹ má wí i fún mi mọ́.

Ínsítágírààmù ni mo ti rí wọn. "Láàbù wa", "àṣeyọrí 99 nínú 100", fọ́tò àwọn èèyàn tó wọ aṣọ funfun tí wọ́n fi nǹkan bo imú. Mo gbé e lọ bá wọn ní Ìkẹjà. Láàbù wo? Ṣọ́ọ̀bù ni, tábìlì kan, fáànù kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń pè mí ní "mọ́mì". Mo rí fáànù yẹn o. Mo rí i, mo sì jókòó.

Kíá ló ti fi í mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó dún kó, kó, kó. Ó yọ ọ́, ó tún fi í mọ́ ọn. Ó yí wáyà padà, ó tún gbìyànjú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ibẹ̀ gan-an ni ìparun ti ń ṣẹlẹ̀. Inú háàdì díìsìkì, àwọn àwo kan wà tó ń yí, orí ìkàwé kéékèèké sì ń fò lókè wọn láì fọwọ́ kàn wọ́n. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò tó ẹyọ eruku kan. Bí ó bá já, orí yẹn lè tẹ̀ tàbí kí ó fọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún tan iná sí i, ńṣe ni orí tó fọ́ lè máa ha ojú àwo, ojú àwo yẹn sì ni fáìlì yín wà. Ohun tó bá ti ha kúrò, kò sí ọlọ́gbọ́n tó lè dá a padà. Ẹni tó mọṣẹ́, bó bá ti gbọ́ ìró yẹn lẹ́ẹ̀kan, á yọ ọ́ kúrò nínú iná, ó parí.

Lẹ́yìn náà ló mú sukurudíráífà kékeré, ó sì ṣí i. Lójú mi! Lórí tábìlì, tí fáànù ń fẹ́! Ó ní "mọ́mì, ẹ wò ó, kò ṣe é púpọ̀." Yàrá tàbí àpótí tí wọ́n ń sẹ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kí eruku má bàa sí níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣí nǹkan yẹn. Mo lè sọ pé mi ò mọ̀, òótọ́ sì ni, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ara mi ti ń sọ fún mi pé nǹkan kan kò dáa, mo kàn ń tijú láti dá a dúró. Àgbàlagbà bíi tèmi, mo ń tijú ọmọ tí mo lè bí.

Ó gbé ìwé kan wá kí n fọwọ́ sí i. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù lọ. Ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, lẹ́tà kéékèèké, ni wọ́n kọ ọ́ sí pé bí "a bá ti fi àtòkọ fáìlì han oníbàárà", iṣẹ́ ti yọrí, owó sì ti pé. Ẹ tún un kà. Kì í ṣe bí fáìlì bá ṣí. Bí orúkọ fáìlì bá ti hàn! Wọ́n tún kọ ọ́ pé bí mi ò bá san owó láàárín ọjọ́ 30, háàdì díìsìkì náà ti di tiwọn. Lórí ẹ̀dà fáìlì mi tó máa wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò kọ ohunkóhun: ta ló lè wò ó, ìgbà wo ni wọ́n máa pa á rẹ́, kò sí. Mo fọwọ́ sí i. Mo kà á o, kò sẹ́ni tó máa sọ pé mi ò kàwé. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni mi ò rí.

Nígbà tó yá, ó fi àtòkọ ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù. Orúkọ gbogbo fódà mi wà níbẹ̀, "Alhaja Nikai", "Alhaja Gbọ̀ngàn", gbogbo rẹ̀ pátá. Mo sunkún ayọ̀. Ó ní owó ti di 180,000 náírà nítorí pé láàbù ló ṣe é. Mo san án. Mo yá nínú rẹ̀. Mo gba fúláàṣì, mo gbé e dé ilé, mo ṣí i. Àwọn fọ́tò kéékèèké díẹ̀ ṣí. Èyí tó tóbi, ìlàjì rẹ̀ ló hàn, ìyókù di àwọ̀ eérú. Kò sí fídíò kan ṣoṣo tó ṣí. Kan ṣoṣo! Mo pè é, ó ní kí n lọ ka ìwé tí mo fọwọ́ sí.

Láàbù gidi kan ni àbúrò mi padà gbé háàdì díìsìkì náà lọ. Àwọn yẹn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Wọ́n ṣí i nínú àpótí wọn, wọ́n ya fọ́tò ojú àwo fún wa: ìlà ti ha yíká, ó ń dán bí òrùka. Wọ́n ní kò sí nǹkan tí àwọn lè ṣe mọ́. Àwọn ló ṣàlàyé àtòkọ yẹn. Orúkọ fáìlì ní ibi kékeré tiwọn tí wọ́n wà lórí àwo, ọ̀tọ̀ ni ibi tí fáìlì fúnra rẹ̀ wà. Bí orí ìkàwé kan bá ṣì ń ṣiṣẹ́, orúkọ lè jáde bẹ́ẹ̀ kí ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí má jáde. Fáìlì ńlá tún burú jù, nítorí pé ó máa ń tàn ká ojú àwo púpọ̀, orí ìkàwé kan tó bá kú ti bà á jẹ́, nígbà tí fáìlì kékeré lè bọ́ sí abẹ́ orí tó yè. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò kéékèèké mi fi ṣí. Ọmọkùnrin yẹn mọ̀. Ó mọ̀, ó sì kọ ìwé rẹ̀ lọ́nà tó bá a mu. Tàbí bóyá kò tilẹ̀ mọ̀, bóyá òpè ni. Mi ò mọ èyí tó dùn mí jù.

Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Alhaja ló pè mí pẹ̀lú ariwo. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù yẹn ti gbé fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà wọn sí Ínsítágírààmù láti fi polówó iṣẹ́ wọn, "oníbàárà mìíràn tún ti rẹ́rìn-ín", ó sì jẹ́ fọ́tò ibi tí ọmọ rẹ̀ ti ń múra, kò tíì wọṣọ tán, orúkọ fódà hàn kedere. Irú ìtìjú wo nìyẹn! Èmi ni Alhaja fún ní fọ́tò ọmọ rẹ̀, èmi ni mo gbé e fún àjèjì. Òfin ààbò ìsọfúnni ẹni tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2023 fẹ́ kí àdéhùn alákọsílẹ̀ wà láàárín ẹni tó kó ìsọfúnni jọ àti ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ náà kan èmi náà, kì í ṣe olè yẹn nìkan. Mo ti kọ̀wé sí àjọ tó ń mójú tó o, NDPC, mo sì ti kọ̀wé sí FCCPC, àjọ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, lórí owó mi.

Ní kúkúrú, torí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé fáìlì tó ṣí ni àṣeyọrí, kì í ṣe àtòkọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ mú fáìlì tí wọ́n máa ṣí fún yín, kí ẹ mú fídíò tó tóbi jù, kí wọ́n fà á dé àárín àti ìparí. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ṣe ẹ̀dà odindi háàdì díìsìkì náà kí wọ́n tó wá fáìlì, àti ẹ̀rọ wo ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tó ní PC-3000 á dárúkọ rẹ̀ láì rò ó. Owó orí ìkàwé tí wọ́n máa yọ lára háàdì díìsìkì míràn lè wà, ìyẹn kì í ṣe jìbìtì, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọ́ ṣáájú. Ẹ ya fọ́tò nọ́mbà tó wà lára sítíkà háàdì díìsìkì yín.

Lórí àṣírí: bí BitLocker, tí Windows fi ń ti fáìlì pa, bá wà lórí rẹ̀, ẹ má fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́mbà 48 yẹn. Wọ́n lè da gbogbo rẹ̀ kọ láì ṣí i, kí ẹ wá ṣí ẹ̀dà náà nílé yín. Bí wọ́n bá ní ó di dandan, ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín níwájú wọn. Bí ó bá jẹ́ ti inú láptọ́ọ̀pù, ẹ lo fóònù yín láti yọ ọ́ kúrò nínú Linked devices ti Wáàsáàpù, kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì àti ti bánkì kí ẹ tó gbé e sílẹ̀. Kí ọjọ́ tí wọ́n máa pa ẹ̀dà rẹ́ wà nínú ìwé, àti pé wọn ò ní lò ó fún ìpolówó. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn kọ irú ìyẹn.

Ẹ má sọ fún mi pé olóòótọ́ wà láàárín wọn. Mo bá olóòótọ́ pàdé, nígbà tí kò wúlò mọ́. Báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá ń pè mí ní "mọ́mì" nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ti ń di báàgì mi mú.

Bí ti yín bá sì wà lọ́wọ́ irú wọn lónìí, ẹ má dúró de àtòkọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nísinsìnyí, kì í ṣe ìpè, kó lè wà lákọsílẹ̀: kí wọ́n má tan iná sí i mọ́, kí wọ́n má ṣí i, ẹ ń bọ̀ wá gbé e.