Ife Gílẹ́ńkẹ́ẹ̀nì: Ohun Tí Ikùn àti Ọrùn Rẹ̀ Ń Ṣe sí Òórùn Wísíkì

Ọdún 2001 ni ife tí Rémọ́ńdì Dáfídísìn ará Sikọ́tílándì yà yìí jáde. Ikùn rẹ̀ yọ, ọrùn rẹ̀ fún, ìdí rẹ̀ nípọn, kò sì ní ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ife wáìnì. Nítorí wísíkì ni wọ́n ṣe ṣe é, wísíkì nìkan ni mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó dára fún.

Ẹ bu mílílítà 35 sí i. Ọtí á gúnlẹ̀ síbi tí ikùn ti fẹ̀, ojú rẹ̀ á gbòòrò, òórùn á sì máa gbéra níbẹ̀. Ọrùn tó fún kò ní jẹ́ kó tètè fọ́n ká. Tí ẹ bá bu iye kan náà sínú ife ẹlẹ́nu gbàgàdà tí à ń kó yìnyín sí, púpọ̀ nínú òórùn náà á ti bá afẹ́fẹ́ lọ kí imú tó débẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá bu ọtí kún Gílẹ́ńkẹ́ẹ̀nì dé ọrùn ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: kò sí àyè tí òórùn á kó jọ sí mọ́.

Àléébù rẹ̀ ò jìnnà síyẹn. Ọrùn tó ń kó òórùn èso àti fànílà jọ náà ló ń kó ẹ́tánọ́ọ̀lù, èròjà tó ń pani nínú ọtí, jọ. Tó bá ń ta yín nímú, ẹ má tíì bú ọtí. Ẹ gbé imú sókè díẹ̀ kúrò lẹ́nu ife, ẹ la ẹnu díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbóòórùn. Tí kò bá rọ̀, ẹ bu omi sí i. Ká ní ẹ́tánọ́ọ̀lù inú ọtí náà jẹ́ ìdá 46 nínú 100, ìdajì ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì, ìyẹn bíi mílílítà 2.5, á sọ ọ́ di nǹkan bí ìdá 43. Èyí tó bá jẹ́ ìdá 60 máa nílò omi bíi mílílítà 17 kó tó sún mọ́ ìdá 40. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa bù ú, kẹ́ ẹ máa gbóòórùn rẹ̀ láàárín méjì.

Ti wáìnì yàtọ̀. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ kan ní Tókíò fi kámẹ́rà ya ẹ́tánọ́ọ̀lù tó ń jáde lẹ́nu ife wáìnì. Nígbà tí wáìnì tutù dé ìwọ̀n 13 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, etí ife ló ṣù mọ́, àárín fúyẹ́. Ife tó rí gbọọrọ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àárín ẹnu ife wáìnì ni kí imú wà nígbà náà.

Bíà ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ dán an wò nínú Gílẹ́ńkẹ́ẹ̀nì. Ó kéré, kò sì láyè fún ìfófò.

Ohun tó sábà máa ń ba òórùn jẹ́ ni ọṣẹ àti kọ́bọ́ọ̀dù. Ife tí a bá dojú rẹ̀ dé inú kọ́bọ́ọ̀dù onípákó á há òórùn pákó mọ́nú. Ẹ gbóòórùn ife kó tó gba ọtí. Tí kò bá mọ́, ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀kán wísíkì díẹ̀ fọ inú rẹ̀ yíká, kẹ́ ẹ sì dà á nù.